Ẹ Dá Ọsàn Wẹ́wẹ́ àti Iyọ̀ Dúró Lára Idẹ Àjogúnbá: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Olórí Ẹbí ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Sí ẹ̀yin olórí ẹbí àti ìgbìmọ̀ àgbà ìdílé gbogbo tí ohun idẹ àjogúnbá wà ní ìkáwọ́ wọn, láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ìjẹ̀bú-Igbó, láti Ṣàgámù dé Ìpẹru àti Ìkẹ́nnẹ́.

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí a fi irin àti idẹ ṣe ni mò ń ṣe, ọmọ Ìjẹ̀bú sì ni mí, nítorí náà ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlejò. Ní ọdọọdún, bí Iléyá bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, tí a sì mọ̀ pé ọjọ́ kẹta rẹ̀ ni Ojúde Ọba, ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń gbé àpótí àwọn baba ńlá wọn síta. Agogo idẹ ń bẹ nínú rẹ̀, ẹ̀gbà ọwọ́ ń bẹ níbẹ̀, orí ọ̀pá oyè àti ohun ọ̀ṣọ́ ẹṣin pẹ̀lú. Wọn á kó gbogbo rẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ ilé pé kí wọ́n lọ fọ̀ ọ́ kí ó lè máa dán. Àwọn ọ̀dọ́ á fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ pa á lára, wọn á fi eérú tàbí kàìnkàìn onírin há a, kí ilẹ̀ tó ṣú, idẹ tí ó dúdú rẹ́súrẹ́sú ti ń kọ mànà. Inú gbogbo ilé á dùn. Ẹ̀bẹ̀ tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ dá àṣà yìí dúró lórí ohun àtijọ́, nítorí ohun tí a ń há dànù lọ́jọ́ náà kò ní padà bọ̀ mọ́, ohun tí a sì ń fi sílẹ̀ lára idẹ náà lè máa jẹ ẹ́ lọ fún ọdún pípẹ́ lẹ́yìn tí ọdún bá ti parí.

Ẹ jẹ́ kí n fi agogo kan ṣàlàyé. Ìdílé tí ó ni ín gbà pé kí n sọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò ní dárúkọ wọn. Agogo náà jẹ́ irú èyí tí àwọn olóyè Ìjẹ̀bú láyé àtijọ́ máa ń so mọ́ ara, tí ó ní ojú ènìyàn níwájú. Ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì yọ síta, ìpéǹpéjú rẹ̀ nípọn, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ wà ní ìsàlẹ̀ ojú, nǹkan bí okùn lílọ́ sì yí ẹnu rẹ̀ ká nísàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, kì í ṣe pé wọ́n rò pé fífọ̀ ni ó bà á jẹ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé wọ́n ti fọ̀ ọ́ dáadáa kí ọdún tó dé, pé ó dán gan-an lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n láàárín oṣù mélòó kan, ó ti hu nǹkan funfun-àwọ̀-ewé bí ìyẹ̀fun ní ihò imú àti lábẹ́ ìpéǹpéjú, bí wọ́n bá sì nù ún kúrò, ó tún ń padà hù. Wọ́n fẹ́ mọ ọṣẹ tí ó lágbára jù èyí tí wọ́n lò lọ.

Mo bi wọ́n léèrè bóyá àwòrán rẹ̀ àtijọ́ wà. Ó wà: fọ́tò dúdú-òun-funfun kan tí ó wà lára ògiri pálọ̀, níbi tí baba ńlá wọn ti jókòó tòun ti agogo náà. A fi awò tí ń mú nǹkan tóbi wo fọ́tò yìí, a sì wo agogo tí ó wà níwájú wa. Nínú fọ́tò, a lè ka ìlà abẹ́ ojú ọ̀tún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lára agogo, ìlà náà ti di òjìji lásán, èyí tí ó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì ti parẹ́ pátápátá. Okùn lílọ́ tí ó yí ẹnu rẹ̀ ká ti di pẹrẹsẹ ní gbogbo ibi tí ọwọ́ máa ń kọ́kọ́ tẹ̀ bí ènìyàn bá ń há nǹkan, ṣùgbọ́n ní kọ̀rọ̀ tí ọwọ́ kò dé, ó ṣì mú ṣáṣá. Ọ̀nà tí ẹ lè gbà mọ̀ pé dídán ni ó jẹ idẹ yín nìyí, tí kì í ṣe lílò. Aṣọ àti ara ènìyàn a máa fi ọ̀pọ̀ ọdún ra ibi tí ó ń kàn, ibi kan náà ni yóò sì máa jẹ́: ibi ìsokọ́, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ tí ó sún mọ́ itan. Ọwọ́ tí ń há nǹkan, gbogbo ibi gíga ni í jẹ lẹ́ẹ̀kan náà, imú, ẹyinjú, iwájú orí, ètè.

Ó yẹ kí ẹ rántí bí wọ́n ṣe ṣe irú agogo bẹ́ẹ̀, kí ẹ lè mọ ohun tí ó sọnù. Alágbẹ̀dẹ idẹ kò fi irin gbẹ́ ìlà wọ̀nyẹn sára idẹ líle. Ìda ni ó kọ́kọ́ fi mọ gbogbo rẹ̀ lé orí amọ̀, ó yí òwú ìda sí méjì, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìlà sí ìda tí ó rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó fi amọ̀ bo gbogbo rẹ̀, ó fi iná yọ ìda náà dànù, ó sì da idẹ yíyọ́ sí àyè tí ìda fi sílẹ̀. Kí ó tó lè yọ idẹ náà jáde, ó ní láti fọ́ amọ̀ ọ̀hún. Èyí túmọ̀ sí pé kò sí méjì rẹ̀ rí, kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀ níbì kankan tí a lè padà lọ wò. Ìlà tí ó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ agogo náà jẹ́ ipa ìka ẹni tí ó ṣe é, kò sì nípọn ju kí kàìnkàìn onírin há a kúrò láàárín ọdún mélòó kan. Nínú irú agogo bẹ́ẹ̀ tàbí ẹ̀gbà oníhò, amọ̀ tí ó jóná ṣì lè kù sínú ihò. Àwọn ọ̀dọ́ a máa rò pé ìdọ̀tí ni, wọn a sì fi ìṣó yọ ọ́. Amọ̀ yẹn gan-an ni àwọn onímọ̀ lè fi yẹ̀ ẹ́ wò láti mọ ìgbà tí iná kẹ́yìn jó o, ìyẹn ìgbà tí wọ́n dà á. Bí ẹ bá yọ ọ́ sọnù, ẹ ti yọ ọjọ́ orí rẹ̀ sọnù.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n dé orí ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìpalára tí ó jinlẹ̀ jù wà, àwọn ènìyàn díẹ̀ ni ó sì mọ̀ ọ́n.

Idẹ kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Bàbà ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, wọ́n sì fi sínkì tàbí tánganran pò ó, òjé sì máa ń wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ó bá ti pẹ́ nínú afẹ́fẹ́, idẹ á hu awọ fún ara rẹ̀. Ìpele tí ó wà nísàlẹ̀ a máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú, èyí tí ó wà lókè lè dúdú tàbí kí ó ní àwọ̀ ewé. Bí awọ yìí bá le, tí ó ń jọ̀lọ̀, tí kò ṣí ní ìyẹ̀fun bí a bá fi ìka kàn án, kì í ṣe àìsàn. Ààbò ni. Òun ni kò jẹ́ kí ọ̀rinrin dé ara idẹ tí ó wà nísàlẹ̀. Ásíìdì inú ọsàn wẹ́wẹ́ a máa tú awọ yìí ká láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fa sínkì jáde kúrò lára idẹ ju bí ó ṣe ń fa bàbà lọ. Bí ẹ bá rí i pé idẹ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ pọ́n bí ara ọmọ tuntun ní ibì kan, tí ó sì yọ àwọ̀ ìyeyè ní ibòmíràn, ibi pípọ́n náà ni sínkì ti jáde. Bàbà nìkan ni ó ṣẹ́ kù lójú ibẹ̀, kò sì sí ìdán kankan tí ó lè dá sínkì padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni fínígà ṣe ń ṣe é.

Iyọ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú iyọ̀ ni kílóráìdì wà. Bí ó bá wọ inú ihò wẹ́wẹ́ ara idẹ, yóò bá bàbà pò di nǹkan tí ó dà bí ìda tí ó ṣá, tí ẹ kò ní rí, nítorí abẹ́ ni ó máa ń wà. Níwọ̀n ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, kò ní ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, nǹkan yìí á fa omi àti ọ́síjìn mọ́ra, á tú ásíìdì tuntun sílẹ̀, ásíìdì náà á jẹ bàbà mìíràn, èyí tí ó jẹ á sì tún di irú nǹkan kan náà, bí iná tí ń jó lábẹ́ eérú. Ìyẹ̀fun àwọ̀ ewé tí ó fẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ ń rí lókè ni èéfín rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí nínù kò fi wò ó sàn: ìyẹ̀fun ni ẹ ń nù, kì í ṣe ohun tí ń bí i. Àwọn onímọ̀ rí i pé bí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá wà nísàlẹ̀ bí ìdá 42 nínú 100, nǹkan náà máa ń sùn. Ẹ̀yin náà mọ Ìjẹ̀bú. Ní ìgbà òjò, ọ̀rinrin ilé wa sábà máa ń ju ìdá 80 lọ, ní ọdún wọ̀nyí sì ni Iléyá ń bọ́ sínú ìgbà òjò. Nítorí náà, a fi iyọ̀ fọ idẹ, a kò jẹ́ kí ó gbẹ dénú, a wé e sínú nílọ́ọ̀nù, a sì tì í mọ́ inú àpótí títí di ọdún tí ń bọ̀. Kò sí ọ̀nà tí a tún lè gbà fún àìsàn náà ní oúnjẹ tí ó dára ju èyí lọ.

Báwo ni ẹ ṣe lè mọ̀ pé tiyín ti kó o? Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ àti bí ó ṣe rí lọ́wọ́. Awọ rere dúdú tàbí kí ó ní àwọ̀ ewé tí ó jinlẹ̀, ó sì le. Àìsàn máa ń ní àwọ̀ ewé tí ó fẹ́ẹ́rẹ́, ó ń ṣí bí ìyẹ̀fun, ó máa ń wà ní tótò tótò dípò kí ó tẹ́ bo gbogbo ara, bí ẹ bá sì yọ ọ́, kòtò kékeré ni ẹ máa bá lábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ṣì ń ṣe yín ní iyèméjì, ẹ gbé e sínú ike tí ìdérí rẹ̀ mọ́ dáadáa, kí ẹ gbé ife omi kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ kí omi náà kàn án, kí ẹ dé e, kí ẹ sì wò ó lẹ́yìn wákàtí 24. Bí tótò tuntun bá yọ, ó ti kó o. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ike náà, nítorí ọ̀rinrin yìí gan-an ni oúnjẹ àìsàn ọ̀hún.

Agogo tí mò ń sọ yọ tótò ní ihò imú àti lábẹ́ ìpéǹpéjú méjèèjì, níbi tí iyọ̀ ti há sí tí omi tí wọ́n fi ṣan án kò sì dé. Ohun tí a ṣe kò nira. A kọ́kọ́ ya fọ́tò gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ awò, a fi igi ìtayín tí a gbẹ́ ẹnu rẹ̀ wẹ́lẹ́ tu ìyẹ̀fun náà díẹ̀díẹ̀, a kò sì jẹ́ kí igi náà kàn ju ibi tí ó ń ṣí lọ. Mo bo imú mi, nítorí òjé wà nínú idẹ àtijọ́, kò sì yẹ kí ènìyàn fa eruku rẹ̀ símú. A fi òwú tí a rẹ sínú sípírítì nu ibẹ̀, a jẹ́ kí ó gbẹ, a sì gbé agogo náà sínú ike tí a fi ń tọ́jú oúnjẹ, tí ó ní rọ́bà ní etí ìdérí rẹ̀, pẹ̀lú kóró agbómi tí ẹ máa ń bá nínú àpò kékeré tí ó wà nínú páálí bàtà tuntun. Àwọn oníkẹ́míkà ń ta kóró yìí ní kílò. Ìwọ̀n tí mo máa ń lò jẹ́ gíráàmù 20 fún lítà 1 àyè inú ike, nítorí náà ike tí ó gba lítà 10 nílò gíráàmù 200. Ẹ̀rọ kékeré tí ń wọn ọ̀rinrin wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀ á sì máa wò ó láti ìta. Bí ó bá ti ń gun òkè lọ sí ìdá 40, yóò kó kóró náà jáde, yóò yan án nínú ààrò gáàsì tàbí ti iná mànàmáná ní ìwọ̀n ooru 110 ti Sẹ́lísíọ́ọ̀sì fún wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, yóò sì dá a padà bí ó bá tutù. Láti ìgbà náà, tótò tuntun kò yọ mọ́. Ṣùgbọ́n mo sọ fún wọn pé a kò wo agogo náà sàn. Kílóráìdì ṣì wà nínú rẹ̀, a kàn jẹ́ kí ó sùn ni. Ìlà ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà kò sì ní padà láéláé. Wọ́n bi mí bóyá a lè tún un fà. A lè fà á, ṣùgbọ́n ìlà tèmi ni yóò jẹ́, kì í ṣe ti ẹni tí ó ṣe agogo.

Àwọn kan lára yín á sọ pé àwọn kò lo ọsàn wẹ́wẹ́, pé oògùn ìdán idẹ inú agolo ni àwọn ń rà, irú èyí tí àwọn ṣọ́jà fi ń dán bọ́tìnì àti bẹ́líìtì. Èyí náà ní tirẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ kíkúnná wà nínú rẹ̀ tí ń ha idẹ, ìdí nìyẹn tí àkísà fi máa ń dúdú bí ẹ bá ń lò ó: idẹ yín ni dúdú yẹn. Àṣẹ́kù rẹ̀ a máa gbẹ di funfun sínú ìlà àti ihò, á fa ọ̀rinrin mọ́ra níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò di àwọ̀ ewé. Amóníà sì máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Amóníà àti idẹ tí a fi òòlù lù tàbí tí a tẹ̀, bí àwo idẹ àti ohun ọ̀ṣọ́ ẹṣin, kò bára mu rárá. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wà ní Íńdíà, wọ́n rí i pé bí ìgbà òjò bá dé, ìkarahun ọta ìbọn wọn tí a fi idẹ ṣe máa ń la láìsí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Ní ọdún 1921 ni àwọn onímọ̀ ṣàlàyé rẹ̀: amóníà tí ń jáde láti inú ìtọ̀ ẹṣin ni ó ń wọ inú idẹ tí a ti fi agbára tẹ̀, tí ó sì ń là á. Ẹ̀yin ìdílé ẹlẹ́ṣin, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe tọ́jú ohun ọ̀ṣọ́ idẹ ẹṣin sínú ilé ẹṣin tàbí yàrá tí ó kángun sí i. Kí ẹ gbé e sí yàrá gbígbẹ tí ó jìnnà sí i. Bí ẹ bá rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun lára rẹ̀, ẹ má ṣe tún fi okùn fà á mọ́ títí ẹni tí ó mọṣẹ́ yóò fi wò ó.

N kò ní pẹ́ lórí ọ̀dà góòlù àti fáníìṣì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dùn mí nígbà tí mo bá rí i. Ọ̀dà dí ìlà, ó sì sọ iṣẹ́ ọwọ́ tí ó mú di nǹkan rọ́bọ́tọ́. Bí iyọ̀ bá ti wà lábẹ́ rẹ̀, àìsàn á máa bá iṣẹ́ lọ níbi tí ẹ kò ti lè rí i. Fáníìṣì a máa là wẹ́wẹ́ bí ó bá pẹ́, ibi tí ó là ni ọ̀rinrin á ti wọlé, ìpẹtà á sì máa tọ abẹ́ rẹ̀ lọ bí òwú. Bí wọ́n bá ti kun ti yín tẹ́lẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tínà àti ọṣẹ líle tí àwọn kápẹ́ńtà fi ń bó ọ̀dà lè bó awọ idẹ pẹ̀lú rẹ̀, ẹni tí ó bá sì fẹ́ yọ ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dán an wò ní ibi tí kò tó èékánná ọmọdé, lábẹ́ awò.

Kí wá ni kí ẹ máa ṣe? Fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun idẹ inú ilé, kò ju kí ẹ gbọn eruku rẹ̀ lọ. Ẹ ra búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀, kí ẹ fi tépù bo irin tí ó di irun rẹ̀ mú kí ó má bàa ha idẹ, kí ẹ sì máa fi gbọn ún jẹ́jẹ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó gbé e, nítorí òógùn ọwọ́ ní iyọ̀ nínú, ipa ìka sì lè yọ lára idẹ tí ó ti dán lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí òróró tàbí èérí bá lẹ̀ mọ́ ọn ní tòótọ́, ẹ rẹ òwú díẹ̀ sínú omi tí wọ́n ti sè tí wọ́n sì gba oru rẹ̀ padà di omi, irú èyí tí wọ́n ń tà fún bátìrì ẹ̀rọ iná, ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé omi ni, kì í ṣe ásíìdì bátìrì. Omi inú ọ̀rá àti omi kànga kò dára fún un, nítorí iyọ̀ díẹ̀díẹ̀ wà nínú wọn. Ẹ nù ún, ẹ fi òwú gbígbẹ nù ún tẹ̀ lé e, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fáànù gbẹ ẹ́ dénú. Bí àṣẹ́kù funfun ti oògùn ìdán bá ti wà nínú ìlà, òwú tín-ín-rín lórí igi ìtayín pẹ̀lú sípírítì lè tu ú, bí kò bá sí ọ̀dà, osùn tàbí ẹfun níbẹ̀. Ẹ má ṣe rì í sínú omi, pàápàá bí ó bá ní irin, igi, awọ tàbí amọ̀ lára.

Ibi tí ẹ ń tọ́jú rẹ̀ sí tún ṣe pàtàkì ju ohun tí ẹ fi ń nù ún lọ. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìwé ìròyìn, nílọ́ọ̀nù líle tí ó ń rùn, àti rọ́bà tí a fi ń di nǹkan. Rọ́bà a máa sọ idẹ di dúdú ní ibi tí ó bá ti kàn án. Aṣọ funfun tí a ti fọ̀ dáadáa, tí kò ní sítáàṣì, ni kí ẹ fi wé e. Àpótí kò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ kan ògiri tí òjò ń gbà.

Ọ̀rọ̀ ẹdan Òṣùgbó yàtọ̀ díẹ̀, n kò sì fẹ́ sọ ọ́ bí ẹni tí ó ń kọ́ àwọn àgbà ní iṣẹ́ wọn. Ohun tí ó jẹ́ ti ètò ilé Òṣùgbó, àwọn ni wọ́n ni ín. Ohun tí mo mọ̀ ni ti irin tí ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹdan ní ọ̀pá irin tí wọ́n da idẹ lé lórí, ẹ̀wọ̀n irin sì so akọ àti abo pọ̀ ní orí. Bí omi bá wọ àárín irin àti idẹ, irin á dípẹtà, ìpẹtà a sì máa gba àyè ju irin tí ó ti wá lọ, títí tí yóò fi ti idẹ náà là láti inú. Mo ti rí ẹdan tí ó là láti ẹsẹ̀ dé àyà báyìí. Bí ètò bá béèrè fún omi tàbí ewé, ẹ jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀, apá kan ni ti ìtàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì gbẹ oríkèé ẹ̀wọ̀n àti ìsàlẹ̀ ọ̀pá rẹ̀ lójú afẹ́fẹ́ kí ó tó padà sínú àpótí. Osùn, ẹfun àti epo tí ó ti gbẹ mọ́ ẹdan lára kì í ṣe èérí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni há wọn dànù nítorí kámẹ́rà.

Fún ohun tí ó ti dán tẹ́lẹ̀, ẹ má ṣe wá kẹ́míkà tí yóò sọ ọ́ di dúdú padà. Ẹ fi í sílẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hu awọ fún ara rẹ̀. Bí ìdílé bá fẹ́ ohun tí yóò máa kọ mànà ní Ojúde Ọba, ọ̀nà kan wà tí mo rí pé ó dára: ẹ jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ idẹ da ẹ̀dà tuntun fún yín, kí ọmọ yín gbé e jáde, kí èyí tí baba ńlá yín lò sì wà nílé. Ẹ̀dà náà, ẹ lè dán an bí ó ti wù yín.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ẹbí kọ̀ọ̀kan ni èyí. Kí ẹ yan ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹbí tí kọ́kọ́rọ́ àpótí yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì pinnu pé kò sí ẹlòmíràn tí yóò fọ ohunkóhun nínú rẹ̀. Kí ẹni náà ya fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn, inú àti ìsàlẹ̀ nǹkan kọ̀ọ̀kan, kí ó gbé rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú fọ́tò, kí ó sì kọ gíga àti ìwúwo rẹ̀ sínú ìwé. Kí ó tún wò ó lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí òjò bá dá. Bí ó bá rí ìyẹ̀fun àwọ̀ ewé, lílà, tàbí irin tí ń wú, kí ó gbé nǹkan náà sínú ike pẹ̀lú kóró agbómi, kí ẹ sì kọ̀wé sí Àjọ Ìjọba Àpapọ̀ tí ń rí sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àti ibi ìrántí, èyí tí òfin ọdún 1979 dá sílẹ̀. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wọn wà ní Abẹ́òkúta, kò jìnnà sí wa. Kí ẹ fi fọ́tò náà ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé yín, kí ẹ sì sọ ní pàtó ohun tí wọ́n ti fi fọ̀ ọ́ rí, yálà ọsàn, iyọ̀, eérú tàbí oògùn inú agolo, nítorí ohun àkọ́kọ́ tí olùtọ́jú yóò bi yín nìyẹn, ọ̀nà tí yóò gbà tọ́jú rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ìdáhùn yín.

Èmi ni ti yín nítòótọ́,

Ọmọ yín tí ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé,
Ìjẹ̀bú-Òde